Madam Ten àti Kọ́ìlì Tí Kò Wọ̀n Rí

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Hàmdálàt, ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti ń kọ́ni ní Port Harcourt, Madam Ten ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ó ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó gbà pé nítorí pé òun kì í ṣe ahun máàkì ni: ẹni bá ṣiṣẹ́ tó pé, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí. Ta ló máa ń bèèrè ìdí ohun tó bá dùn mọ́ ọn?

Mile 3, ní Port Harcourt kan náà, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Bashiru ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì dàgbà sí, láàárín áyánnù tí wọ́n fi ń lẹ wáyà àti páálí ẹ̀rọ tó ti kú. Bàbá máa ń jẹ́ kó yí rédíò kiri, yóò sì máa ṣàlàyé fún un pé gbogbo iléeṣẹ́ rédíò ló jọ ń pariwo nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tó wà nínú rédíò ló ń mú ẹyọ kan, tí wọ́n ń sọ fún ìyókù pé kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Hàmdálàt lára ju àlọ́ lọ. Òun ló gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ló sọ ọ́ di ọ̀gá yàrá àdánwò. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé kò wo ìwé mọ́ kó tó kọ́ni.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn, ti résónánsì ni ọmọ rẹ̀ àyànfẹ́. Wọ́n á so rẹsísítọ̀ kan, kọ́ìlì kan àti kàpásítọ̀ kan pọ̀ ní títò, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan lórí tábìlì á máa rán iná sínú wọn, èèyàn sì lè yí ẹ̀rọ náà kí iná yẹn máa lọ máa bọ̀ kíákíá tàbí kó rọra. Kọ́ìlì kì í fẹ́ iná tó ń yára. Bó bá ṣe ń yára tó ló ṣe ń dí i lọ́nà tó. Kàpásítọ̀ ní tirẹ̀, èyí tó ń fà ni kì í fẹ́. Àmọ́ ibì kan wà láàárín tí ìdíwọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba, tí ọ̀kan ń tì síwájú tí èkejì ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n fi pa ara wọn rẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti là, tí iná ń ya wọlé. Bí èèyàn bá fi àmì sórí bébà, á rí i bí òkè kan tó gùn lọ, tó tún sọ̀.

Iye tó wà lára àwọn ohun èlò yẹn ló ń sọ bí òkè náà yóò ṣe rí. Kọ́ìlì jẹ́ 100 milihenry, kàpásítọ̀ jẹ́ 0.1 maikirofárádì, rẹsísítọ̀ jẹ́ 100 ohm. Ẹ sọ ti kọ́ìlì àti ti kàpásítọ̀ di púpọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2π, kí ẹ fi ohun tó jáde pín 1: orí òkè náà wà ní 1592 Hertz. Níbẹ̀, ìdíwọ́ kọ́ìlì jẹ́ 1000 ohm, ti kàpásítọ̀ náà jẹ́ 1000. Ẹ fi 100 ti rẹsísítọ̀ pín 1000, Q dé: mẹ́wàá géérégé. Q ló ń sọ bí òkè ṣe ṣe ṣóńṣó tó. Ẹ wá fi Q pín 1592, ìbú òkè náà nìyẹn, 159 Hertz, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì níbi tí iná ti rọlẹ̀ sí nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀. Hàmdálàt lè ka gbogbo èyí lójú oorun.

Ó ní ìwà kan nídìí iṣẹ́ yìí. Bó bá ń fi han kíláàsì, yóò yí ẹ̀rọ títí abẹ́rẹ́ mítà yóò fi gùn dé ibi tó ga jù, ní 1592 gan-an bí ìwé ṣe wí. Lẹ́yìn náà, yóò fi kún agbára iná náà títí abẹ́rẹ́ yóò fi kan òpin mítà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Kíláàsì á pàtẹ́wọ́. Yóò wá dá agbára iná padà sí fólìtì 1, yóò ní kí wọ́n máa wọn ìyókù fúnra wọn, yóò sì lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú tíì. Kò wọn ẹ̀gbẹ́ òkè náà rí látìgbà tó ti di tíṣà. Kí ló fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Ó ṣáà ti mọ̀ ọ́n.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú Q mẹ́wàá wá lọ́dọọdún. Àfi Tonye.

Tamunotonye ni orúkọ rẹ̀ ní pípé. Bàbá rẹ̀ tó ti kú, Kalabari ni. Asiata ìyá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta òwú àti síìbù fún àwọn télọ̀ ní Mile 3, ó sì ń ti Iwofe wá lójoojúmọ́. Ara ìyá yìí kò yá lọ́jọ́ tí kíláàsì ṣe iṣẹ́ náà, ìyẹn ni Tonye fi wá dá tirẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kejì, láìsí ẹlòmíì lórí bẹ́ńṣì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí òkè wà ní 1590 Hertz. Ó kọ ọ́ pé ibẹ̀ gan-an, fólìtì 0.5 péré ni òun rí lórí rẹsísítọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wà ní 1440, èkejì ní 1760. Ìbú, 320. Q, márùn-ún.

Hàmdálàt fi báírò pupa fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ sórí bébà náà, ó sì pè é.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lórí bẹ́ńṣì ni, ma."

"Bẹ́ńṣì wo? Gbogbo kíláàsì ní mẹ́wàá, ìwọ nìkan ní márùn-ún. O jókòó sílé, o kọ ohun tó bá wù ọ́, o wá rò pé mi ò ní mọ̀?"

"Ma, I swear, na wetin the meter show me be that. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

"Má búra nínú ọ́fíìsì mi."

Ó kọ orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, pé ó fi irọ́ ṣe èsì àdánwò. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn nílé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi irú rẹ̀ yóò tún ọdún náà ṣe, ibi tí Tonye sì ti rí àyè láti lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá ní ọjọ́ Ajé láti rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Hàmdálàt pinnu pé òun yóò ṣe àdánwò náà fúnra òun látòkè délẹ̀, kí òun lè gbé mẹ́wàá síwájú ìgbìmọ̀ kí ẹnu ọmọ náà sì pa mọ́. Yàrá ṣófo. Ó so ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Ó fi mítà kan sójú ẹ̀rọ kí agbára iná má baà kúrò ní fólìtì 1, ó fi èkejì sórí rẹsísítọ̀. Ó ń yí i lọ. Abẹ́rẹ́ gùn dé òkè ní 1592, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tó wo iye tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka, 0.5 ni.

Ó ní ìsopọ̀ ló dẹ̀. Ó tún un so. 0.5. Ó pààrọ̀ mítà. 0.5. Ó wá ń yí ẹ̀rọ sísàlẹ̀, ó ń retí pé ní 1514 ni iná yóò ti rọlẹ̀ dé méje nínú mẹ́wàá tí òun mọ̀. Abẹ́rẹ́ kò dá a lóhùn. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé 1440 kó tó rọlẹ̀ débẹ̀. Ó yí i sókè: 1760.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn nǹkan mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ńṣì bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já a kulẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú mítà tí wọ́n fi ń wọn ohm, ó tú kọ́ìlì kúrò lára àwọn yòókù, ó sì fi ẹnu mítà kan orí àti ìdí rẹ̀. Ohun tí ọmọ Bashiru tó ń tún rédíò ṣe kò ṣe rí nìyẹn látìgbà tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Ọgọ́rùn-ún ohm.

Kí ni kọ́ìlì, bí kì í bá ṣe wáyà gígùn tínínrín tí wọ́n wé mọ́ra? Wáyà gígùn ní ìdíwọ́ tirẹ̀, ìyẹn kì í sì í pa rẹ́ nígbà tí ti kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ bá pa ara wọn rẹ́. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹsísítọ̀, ó ń gba ìdajì fólìtì náà, kò sì sẹ́ni tó kà á. Igba ohm ló wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi 200 pín 1000: márùn-ún. Ẹ fi márùn-ún pín 1592: 318. Orí òkè kò sún kúrò níbi tó wà, nítorí ìdíwọ́ wáyà kò dá sí ibi tí orí òkè máa wà, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Hàmdálàt fura. Àmọ́ òkè náà kúrú dé ìdajì, ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, Tonye nìkan ló kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n ti ṣírò mẹ́wàá kí wọ́n tó fọwọ́ kan bẹ́ńṣì. Láti orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń padà sẹ́yìn kọ fólìtì tó bá a mu, èyí tí àwọn ọmọ Port Harcourt ń pè ní "cook am". Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ fún Madam ní ten rẹ̀. Ó yé Hàmdálàt wàyí. Ojú tì í dé ibi tí kò lè gbójú sókè nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan. Ó ń fi máàkì bọ́ òpùrọ́, ó wá fẹ́ fi ẹgba na olóòótọ́. Wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kíyán ewùrà má lẹ́mọ, ṣùgbọ́n odindi ẹmọ ni òun gún fún wọn, òun sì ń pè é níyán!

Ó ní òun yóò sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Dagogo lọ́jọ́ kejì. Ó sì ní in lọ́kàn lóòótọ́, ẹ má ṣe pè é ní ẹni burúkú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo sí i. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀? Ó ṣì ń wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ nígbà tí ìyá Tonye dé.

Asiata ju Hàmdálàt lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó wá tòun ti aṣọ ọjà, fọ́nrán òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Hàmdálàt ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde, àwọn tíṣà mìíràn sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí obìnrin náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wo ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ò sí. Mo ti bá a wí. Mo ní kí ló dé tó fi parọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ọ, ó ní òun ò parọ́, mo gbá a létí. Ọmọdé ò mọ nǹkan kan, tíṣà. Ẹ bá mi dárí jì í nítorí Ọlọ́run."

Hàmdálàt ló yẹ kó wà nílẹ̀. Ó wo àwọn tíṣà tó ń wò ó. Ohun tó wá sọ ni pé: "Ẹ dìde, Màmá. A ó wò ó." Ohùn ẹni tó ń ṣoore ló fi sọ ọ́. Asiata dìde, ó ń ṣàdúrà fún un àti fún gbogbo ará ilé rẹ̀ títí ó fi dé géètì.

Lọ́jọ́ Ajé, Hàmdálàt sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dagogo rẹ́rìn-ín, ó ní, "Madam, you get good heart o." Ó wá kọjú sí Tonye, ó ní ìyá ni Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, pé wọ́n ti dárí jì í, kó tún iṣẹ́ náà ṣe lójú madam, kó sì lọ síbi ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kó dúpẹ́.

Tonye kúnlẹ̀, ó ní, "Thank you, ma. Ẹ ṣé tí ẹ dárí jì mí." Hàmdálàt ní kò tọ́pẹ́. Òtítọ́ nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ bí ó ti jẹ́ òtítọ́ tó.

Ó ti dá ọgbọ́n kan. Tonye yóò tún iṣẹ́ náà ṣe, márùn-ún yóò tún jáde, òun yóò kàn fọwọ́ sí i, òun yóò máa ṣàlàyé kọ́ìlì fún àwọn tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì kú síbẹ̀ láìsí ariwo. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà wá, Hàmdálàt dúró tì í nídìí bẹ́ńṣì. Àwọn méjèèjì jọ rí abẹ́rẹ́ ní 0.5. Wọ́n jọ rí 1440. Wọ́n jọ rí 1760. Tonye ń kọ nǹkan, ó sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ láti ya òkè náà.

Bébà tó gbé wá mọ́ tónítóní. Orí òkè, fólìtì 1. Ẹ̀gbẹ́ kan, 1514. Èkejì, 1673. Ìbú, 159. Q, mẹ́wàá.

Hàmdálàt wo bébà, ó wo ọmọ náà. "Tonye, kì í ṣe ohun tí a jọ rí nìyí."

"Mo mọ̀, ma." Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. "Na so una want am. I don learn. Mi ò ní dà yín láàmú mọ́."

Báírò wà lọ́wọ́ Hàmdálàt. Bó bá fọwọ́ sí i, ó ti di pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ òpùrọ́ parí. Bó bá kọ̀ ọ́, àfi kó sọ ìdí rẹ̀. Ó gbé báírò náà lélẹ̀.

"Èyí tí o kọ́kọ́ mú wá ló tọ̀nà," ó ní. "Kọ́ìlì yẹn ní ìdíwọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ara rẹ̀. Èmi ni mi ò wọ̀n ọ́n rí. Èmi ni mo ṣìnà, Tonye, kì í ṣe ìwọ."

Ọmọ náà bèèrè, "Ma, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀."

Ojú Tonye ń ṣírò. "Ọjọ́ tí màmá mi wá kúnlẹ̀ fún yín, you don know already?"

"Mo ti mọ̀."

Tonye kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó fà á mọ́ àyà. Omi ti lé sí i lójú. "Ẹ lọ sọ fún un fúnra yín, ma. Bí èmi bá sọ ọ́, she no go believe me."

Hàmdálàt kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó jáde níbẹ̀, ó wọ kéké lọ sí Mile 3. Ọjà kún. Ó ń bèèrè ìlà àwọn onísíìbù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ń lá ètè rẹ̀ tó ti gbẹ, ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà sì ń tú.

Asiata ló kọ́kọ́ rí i. Ó ju okùn síìbù tó ń wọ̀n sílẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó pe àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, ó ń na ọwọ́ sí Hàmdálàt: "Ẹ wá wò ó o! Tíṣà tó dárí ji Tonye nìyí! Ó tún wá kí mi!" Kí Hàmdálàt tó la ẹnu, obìnrin náà ti di etí ìró ara rẹ̀ mú, ó ti ń kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì.